Nọ́ńbà Tó Ń Ti Èkó Wá

Bí ẹ bá dé Òmù-Àrán tí ẹ ń béèrè Helen Ọlágúnjú, àwọn èèyàn lè kọ́kọ́ máa wo ara wọn lójú. Ẹ sọ pé Ìyá Súwẹ́tà lẹ ń wá. Kíá ni wọ́n á júwe ilé kan fún yín lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń dún ṣàkàṣìkì láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀rọ ìhunṣọ ni. Òun ni Helen fi ń hun súwẹ́tà fún àwọn ọmọ iléèwé, ti Òmù-Àrán àti ti Àjàṣẹ́-Ìpo, ó sì ti ń hun ún láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, tí Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ọmọ wọn ṣì máa ń sùn sábẹ́ tábìlì, tí àjákù òwú á máa já bọ́ lé e lórí.

Ìyá Súwẹ́tà kì í purọ́. Kì í ṣe pé ó mọ́ ju ẹlòmíì lọ o, ẹnu rẹ̀ ni kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Bí ìyá ọmọ kan bá gbé súwẹ́tà padà wá pé ó ti fún jù, Helen á wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀, á ní súwẹ́tà kọ́ ló kéré, ọmọ ló ń jẹun dáadáa. Bí ọ̀gá iléèwé kan bá ní àwọ̀ búlúù yìí kọ́ lòun ní kó lò, á mú òwú náà síta sínú oòrùn, á ní kí ọ̀gá wá wò ó, kó tún lọ wo dókítà ojú. Àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá purọ́ fún ọmọ tó fúnra rẹ̀ bí, tó sì tọ́jú irọ́ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí fóònù.

Ọpẹ́ nìkan ni ọmọ tí Helen bí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní ilé iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé fóònù ni wọ́n ń gbé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ há sínú ẹ̀rọ, ẹni tí káàdì rẹ̀ kọ̀, ẹni tí inú ti ń bí láti ilé tó kàn ń wá ẹni tí yóò bú, Ọpẹ́ ni wọ́n ń pè. Bó bá ti jókòó tó so nǹkan mọ́ etí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú” ló ń sọ títí iṣẹ́ á fi parí. Nígbà míì ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sí, nígbà míì òru. Ọkọ rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ. Kò sì sí ẹni tó lè máa dúró ti ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá nínú yàrá kan ṣoṣo nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà níbi iṣẹ́ òru. Bí Miracle, ọmọ Ọpẹ́, ṣe di ọmọ iléèwé ní Òmù-Àrán lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí iṣẹ́ yẹn gbà lọ́wọ́ Helen ni ohùn ọmọ rẹ̀. Ọpẹ́ kì í ṣe ọmọ burúkú, owó oúnjẹ kì í pẹ́ kó tó dé. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé láti ibi iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ á ti bó, kò ní fẹ́ gbọ́ hẹlóò kankan mọ́ láyé. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló máa ń kọ ránṣẹ́: Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ṣé ẹ ti jẹun, Miracle ńkọ́. Helen á wá awò rẹ̀, á kà á, á tún un kà, á fèsì pé àwọn wà dáadáa. Kí ni èèyàn fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe? Ọmọ tó jẹ́ pé láti kékeré ló ti ń sọ̀rọ̀ bó bá ń jẹun, tó ń sọ̀rọ̀ bó bá ń wẹ̀, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú oorun pàápàá, ó wá di ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́ta lórí fóònù. Àárò ohùn yẹn ń sọ Helen. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ nírọ̀lẹ́ tí ilé pa rọ́rọ́ ló máa ń sọ ọ́ jù.

Ọdún Àjíǹde tó kọjá ni Ọpẹ́ wá sílé, tó gbé táàbù kan wá fún Miracle, fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó tóbi tó ìwé orin. Àwọn tíṣà ti ń fi iṣẹ́ àmúrelé síbẹ̀, ó sì ní kí ọmọ òun náà ní tirẹ̀. Àmọ́ kó tó gbé e lé e lọ́wọ́, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ súwẹ́tà, ó gbé fóònù tirẹ̀ ti táàbù, ó sì so méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú áàpù kan tí wọ́n ṣe fún àwọn òbí. Ó wá la gbogbo rẹ̀ yé ìyá rẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ ni Miracle ní lóòjọ́. Bó bá ti lò ó tán, táàbù á ti ara rẹ̀ pa, kò sí ibi tí ọmọ náà fẹ́ tẹ̀ tó máa ṣí. Bó bá fẹ́ gba áàpù tuntun, tàbí tó fẹ́ ra nǹkan nínú eré tó wà lórí rẹ̀, ìbéèrè náà á kọ́kọ́ wá sórí fóònù ìyá rẹ̀ ní Èkó. Ìyá á fọwọ́ sí i, tàbí kó kọ̀ ọ́. Helen ní kí ló le tó bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ sọ ti ọmọkùnrin kan ní Èkó tó ra idà àti bàtà fún ọmọlangidi inú fóònù títí káàdì ìyá rẹ̀ fi gbẹ táútáú. Ọpẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé ìpè obìnrin náà níbi iṣẹ́, ó sì bá a sọ “ẹ má bínú” títí ẹkún rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó máa padà, Ọpẹ́ ka ìtàn fún Miracle lórí bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀, ó wọ ọkọ̀ Ìlọrin, láti ibẹ̀ ó bọ́ sí ti Èkó. Ilé padà sí bó ṣe wà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wàhálà àkọ́kọ́ dé. Miracle ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí táàbù, ó ku díẹ̀ kó parí ni ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àkókò ti tán lónìí. Ọmọ náà fẹ́ sunkún. Helen pe Èkó. Ọpẹ́ fi àkókò kún un láti orí fóònù tirẹ̀, ó ní ó yẹ kó ti ṣí. Kò ṣí. Dátà ni kò sí. Bí táàbù kò bá rí dátà, kò lè gbọ́ àṣẹ tó ti Èkó wá, ó sì di dandan kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò yẹn bá tirẹ̀ lọ bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́. Ọpẹ́ wá rántí pé ọ̀nà míì wà. Áàpù náà ní kóòdù òbí, nọ́ńbà kan tó máa ń hàn lórí fóònù ìyá nìkan. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sójú táàbù tó ti ara rẹ̀ pa, á ṣí, ìbáà ṣe pé dátà kò sí rárá. Ohun kan ló wà níbẹ̀: nọ́ńbà náà kì í dúró sójú kan. Bó bá ṣe díẹ̀, á yí padà sí òmíràn, kí ọmọ má baà há a sórí.

Ọpẹ́ ka nọ́ńbà náà. Helen fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ kọ ọ́ sórí tábìlì. Ohun tó kàn ni kó tẹ̀ ẹ́ kíá, ṣùgbọ́n ta ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn láì kí i? Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn ọmọ yìí gbẹ̀yìn. Ó kí i kú iṣẹ́. Ó kí i kú ìrìn. Ó béèrè onílé rẹ̀, ó béèrè obìnrin tó bímọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá rẹ̀, ó béèrè bóyá ọmọ náà ti ń jókòó, ó béèrè ṣọ́ọ̀ṣì, ó béèrè orúnkún tó ń dun Ọpẹ́ nígbà Àjíǹde. Ọpẹ́ ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Helen wá tẹ nọ́ńbà náà, táàbù ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ọpẹ́ wo fóònù rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Màámi,” ó ní, “ẹ ti kí mi títí kóòdù fi kú.”

Ẹ̀rín yẹn wọ Helen lára. Ẹ̀rín àtijọ́ ni, èyí tó máa ń ti abẹ́ tábìlì jáde. Ọpẹ́ ka nọ́ńbà tuntun, táàbù ṣí, Miracle dúpẹ́, fóònù sì kú. Helen kò mọ ìgbà tó jókòó sídìí ẹ̀rọ tí kò hun nǹkan kan, tó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọge tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí.

Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹni tó ń retí kí táàbù ti ara rẹ̀ pa. Àwọn ìyá àgbà yòókù ń ráhùn pé fóònù ti gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn, tiwa ń ṣọ́ ìgbà tí àkókò máa tán. Ó tún gbọ́n ọgbọ́n sí i. Bí Miracle bá ti iléèwé dé, á ní kó kọ́kọ́ wá bá òun tú òwú, kó lọ ra ata, kó jẹun, kó fọ àwo, kí wákàtí táàbù lè wọ ìrọ̀lẹ́ tí Ọpẹ́ bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Bó bá wá tì, Helen á sọ pé ó ku nǹkan díẹ̀ fún Miracle, á pe Èkó, Èkó á sì ka nọ́ńbà. Ó máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹta. Miracle kì í jà sí i. Á jókòó ti ìyá àgbà, á na etí sí fóònù títí wọ́n á fi parí ìkíni, á sì gba táàbù, á wọ yàrá lọ. Eré ni Helen rò pé ó ń lọ ṣe.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ó sú Ọpẹ́. Kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyá gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Ó ní inú ọkọ̀ lòun máa ń wà nígbà tí ìpè náà bá dé, pé òun á máa wá nọ́ńbà láàárín èrò. Ó ní òun fẹ́ sọ ìyá òun di òbí kejì lórí áàpù náà, kó lè máa ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó gbé fóònù rẹ̀ lọ bá Mardiyah.

Mardiyah ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Helen ló hun gbogbo súwẹ́tà tó wọ̀ níléèwé, nítorí náà Mardiyah fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá àga fún un. Ó gba áàpù náà sórí fóònù Helen, ó gba ìwé ìpè tí Ọpẹ́ fi ránṣẹ́ láti Èkó wọlé, ó sì ní kí Màmá wo ojú rẹ̀ wàyí. Orúkọ Miracle ló jáde. Ibí yìí ni àkókò tó kù fún un lónìí. Bí ẹ bá tẹ ibí yìí, ẹ ti fi kún un. Ibí yìí ni wọ́n á ti béèrè lọ́wọ́ yín bó bá fẹ́ gba nǹkan tàbí tó fẹ́ ra nǹkan. Ibí yìí sì ni ẹ ti máa rí gbogbo ohun tó fi táàbù ṣe àti bó ṣe pẹ́ tó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún kọ́ ọ bí fóònù rẹ̀ ṣe lè máa fún táàbù ní dátà, pé kó gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí òpópónà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó bá sì ṣe, Ọpẹ́ á rí i ní tirẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ló ni ín. Ó ní kí Helen dán an wò. Helen tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe, wọ́n sì yọ àkókò náà padà.

“Màmá, ó ti parí,” Mardiyah ní. “Ẹ ò nílò Èkó mọ́.”

Ó sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, ó ń retí kí Màmá náà yọ̀. Helen dúpẹ́, ó fi fóònù sápò, ó sì rìn lọ sílé, kò gun ọ̀kadà. Ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń kí i, kò gbọ́. Ẹ ò nílò Èkó mọ́. Ta ló sọ fún ọmọ yìí pé òun kò nílò Èkó? Èkó nìkan ṣáà lòun nílò.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ti dé kó tó wọlé: Màámi, ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n lò? Helen jókòó, ó wò ó títí. Ó wá fèsì pé ojú òun kò gbé e, pé lẹ́tà rẹ̀ kéré, pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n lórí rẹ̀, kí Ọpẹ́ jọ̀ọ́ máa ka nọ́ńbà fún òun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tó ń kó òwú sí ẹnu abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ lójoojúmọ́ láì wò ó ni ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn o. Ọpẹ́ gbà á gbọ́, nítorí Màámi kì í purọ́.

Báyìí ni nọ́ńbà ń bá a lọ láti Èkó. Áàpù wà lórí fóònù Helen, kò fọwọ́ kàn án. Bí ìbéèrè bá dé síbẹ̀, pé Miracle fẹ́ gba eré ìdáná, pé Miracle fẹ́ fi owó ra irun fún ọmọlangidi, á kàn wò ó, á fi í sílẹ̀ fún Èkó. Èkó á sì kọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ kì í dùn tó bí irọ́ náà bá ti wá sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n bí fóònù bá dún, tí ohùn yẹn bá ní “Màámi, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì,” á gbàgbé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, táàbù ti ara rẹ̀ pa, Helen pe Èkó, Èkó kò gbé e. Ó tún pè. Ó rántí pé iṣẹ́ òru ni Ọpẹ́ ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọn kì í sì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ mú fóònù tiwọn jókòó sẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ fún Miracle pé ó di ọ̀la. Ọmọ tí kì í jà, kò gbà lọ́tẹ̀ yìí. Ó di táàbù mọ́ àyà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Helen ní ṣé nítorí eré náà ni. Ọmọ náà mi orí. Helen ní iṣẹ́ àmúrelé ńkọ́. Miracle ní òun ti ṣe é tán, iṣẹ́ náà ló jẹ gbogbo àkókò òun lónìí.

Ara fu Helen. Ó mú fóònù rẹ̀, ó lọ sójú fèrèsé, ó ṣí ibi tí Mardiyah ní kó ti máa wo ohun tí ọmọ ń fi táàbù ṣe. Ó rò pé eré kan tí kò dáa lòun máa bá níbẹ̀. Eré wà níbẹ̀ lóòótọ́, nísàlẹ̀ pátápátá, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Iṣẹ́ iléèwé ló tẹ̀ lé e. Ohun tó wà lókè, tó fi púpọ̀ ju gbogbo wọn lọ, lójoojúmọ́, ni àwòrán makirofóònù kékeré kan. Ó ní kí ni èyí.

“Ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ ni,” Miracle ní. “Màmá mi ló wà níbẹ̀.”

Ó wá ṣàlàyé. Lálẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń ka ìtàn fún un nígbà Àjíǹde, ó ti tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ aṣọ ìbora, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìtàn náà gùn. Ó máa ń pín in, á gbọ́ díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, á fi ìparí rẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tó bá fẹ́ sùn. Bí àkókò bá tán kó tó dé ìparí ni kì í rí oorun sùn dáadáa.

Ọpẹ́ ń jókòó sí Èkó, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti eré pa, kò mọ̀ pé ohùn ara rẹ̀ ló ń tì. Òun Helen náà sì ti ń rò pé òun nìkan ni àárò ń sọ nínú ilé yìí. Ó ṣí dátà fún táàbù láti orí fóònù rẹ̀, ó tẹ ibi tí Mardiyah ní kó tẹ̀, ó fi ààbọ̀ wákàtí kún un. Ó mọ̀ pé Èkó máa rí i. Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Táàbù ṣí. Àwọn méjèèjì wọ inú yàrá, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n gbé e sáàárín. Ọpẹ́ ń kàwé. Ìtàn ọmọbìnrin kan tó gbé ìkòkò lọ sódò ni, ó ń kà á bó ṣe ń kà á nígbà tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó tún un kà. Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀rọ súwẹ́tà ń dún. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Helen gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń fi oríkì pe ọmọ rẹ̀ láti pálọ̀.

“Àwẹ̀ró, wá jẹun, ọbẹ̀ ti ń tutù.”

“Mo ń bọ̀, Màámi.”

Ibẹ̀ ló parí sí. Miracle ní ibẹ̀ lòun fẹ́ràn jù, ó sì ti sùn lọ kó tó sọ ọ́ tán. Helen kò sùn. Ó fà á padà sẹ́yìn díẹ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún gbọ́ ọ, títí àkókò tó fi kún un fi tán tí ojú táàbù fi ṣókùnkùn.

Ọpẹ́ pè lọ́jọ́ kejì, kò dúró kí ìkíni parí.

“Màámi, ta ló fi àkókò kún táàbù lánàá?”

“Èmi ni.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n lò.”

“Mo mọ̀ ọ́n lò. Ọjọ́ tí Mardiyah kọ́ mi ni mo ti mọ̀ ọ́n.”

Ọpẹ́ bínú, ó sì jẹ́ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ó sọ ti inú ọkọ̀ tó ti ń wá nọ́ńbà, ó sọ ti ọ̀gá tó bá a wí nítorí pé ó yọ fóònù. Ó ní ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń pe òun pẹ̀lú irọ́ lójoojúmọ́, òun kò mọ̀ pé ìyá òun wà lára wọn. Helen jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Ohùn rẹ ni mò ń wá,” ó ní. “Bí mo bá ní kó o pè mí, wàá ní ó rẹ̀ ẹ́, òótọ́ sì ni. Bí táàbù bá tì, o máa ń pè. Bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ṣí áàpù yẹn kó o wo ohun tí ọmọ rẹ ń fi wákàtí rẹ̀ ṣe. Wo èyí tó wà lókè. Ìwọ ló ń gbọ́ níbẹ̀, láti ọdún Àjíǹde.”

Helen gbọ́ èémí Ọpẹ́, ó gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, fóònù sì kú.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí táàbù rí dátà, Miracle sáré wá. Àkókò rẹ̀ ti tán fún ọjọ́ náà, gbogbo nǹkan lórí rẹ̀ ti tì, àfi àwòrán makirofóònù yẹn. Ó ń ṣí. Helen wò ó lórí fóònù tirẹ̀, ó rí i pé Ọpẹ́ ti mú un kúrò lára ohun tí wọ́n ń ka àkókò fún, ó ti sọ ọ́ di èyí tí kì í tì. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó gbọ́ ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin láì dúró. Helen bá a yọ̀. Nígbà tó di òru ló wá rò ó pé bóyá èyí náà ni èsì tí Ọpẹ́ fọ̀. Ohùn lẹ ní ẹ fẹ́, ohùn nìyí.

Kò sí ẹni tó pe kóòdù mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Bí iṣẹ́ iléèwé bá pọ̀, Helen ń fi àkókò kún un láti ojú fèrèsé. Bí ìbéèrè irun ọmọlangidi bá dé, ó ń kọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó tún le ju Èkó lọ. Gbogbo nǹkan ń lọ bí Mardiyah ṣe sọ. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbọ́ ọ láti inú yàrá pé “mo ń bọ̀, Màámi,” kò sì sí ẹni tó ń bọ̀. Ó hun súwẹ́tà kan fún Àjàṣẹ́-Ìpo tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń hunṣọ, nígbà tí ọ̀gá iléèwé sì pè é sí i, kò bá a jiyàn. Ọ̀gá náà ní àbí ara Màmá kò yá ni. Ó ní ara òun yá, pé àárò ọmọ òun ló ń sọ òun. Ó sọ ọ́ gbangba báyẹn fún ẹni ẹlẹ́ni.

Ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń tú apá súwẹ́tà náà palẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Orúkọ Ọpẹ́ ló wà lójú rẹ̀. Ó rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

“Màámi, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì,” Ọpẹ́ ní. “Mo fẹ́ ka nọ́ńbà.”

Helen ní táàbù kò tì. Ó ní Miracle kò tíì lò tó ìdajì àkókò rẹ̀ lónìí.

“Mo mọ̀, Màámi. Ẹ ṣáà mú ṣọ́ọ̀kì.”

Ó mú un. Ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ń rọra kà á, ó ń dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹẹ́rin. Òdo. Eéje. Helen ń kọ ọ́ sórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó kí ọmọ rẹ̀ kú iṣẹ́. Ó kí i kú ìrìn. Ó béèrè onílé, ó béèrè orúnkún. Ó béèrè obìnrin tó bímọ, Ọpẹ́ ní ọmọ náà ti ń rìn, pé ó wọ yàrá òun lánàá, ó sì da omi sórí bẹ́ẹ̀dì. Miracle ti sá wá láti inú yàrá, ó fi etí ti ẹ̀yìn fóònù lódì kejì. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lórí, wọn kò tan iná.

Nígbà tó pẹ́ dáadáa, Ọpẹ́ ní ṣé Màámi ti tẹ̀ ẹ́. Helen wo nọ́ńbà funfun tó wà lórí tábìlì. Táàbù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

“Ó ti yí padà,” ó ní. “Tún un kà fún mi.”

Ọpẹ́ sì tún un kà.